Lòkéṣọ̀n kọ́ ló ń jẹ bátìrì rẹ

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀kadà ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà n'Ìbàdàn. Ẹni tó ń bá mi tún fóònù ṣe ní kí n máa tan Battery Saver, kí n sì máa pa lòkéṣọ̀n tí mi ò bá wo máàpù, torí òun ló ń jẹ bátìrì àti dátà. Àwọn oníbàárà wá ń pariwo pé ojú kan ni mo wà. Áàpù iṣẹ́ wa tún ní kí n mú 'Allow all the time' fún lòkéṣọ̀n. Ṣé wọn ò ní máa ṣọ́ mi délé?"

Àbúrò, pa Battery Saver yẹn, kí o sì fi lòkéṣọ̀n sílẹ̀ ní títàn látàárọ̀ títí o fi máa ṣíwọ́. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ ló ń dà ọ́ láàmú. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́, ó sì ń dùn mí, torí owó oúnjẹ yín ló ń bá a lọ.

Fóònù ń gbọ́ sátẹ́láìtì bí ìwọ ṣe ń gbọ́ rédíò ni. Sátẹ́láìtì wà lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà, ó ń sọ̀rọ̀. Fóònù ò dá a lóhùn, kò sì ná dátà láti gbọ́ ọ. Tó bá ti gbọ́ mẹ́rin nínú wọn dáadáa, á ṣírò ibi tó wà. Áàpù ló ń ná dátà, nígbà tó bá ń gbé àwòrán máàpù wá tàbí tó ń sọ ibi tó o dé fún oníbàárà. Tó o bá wá ń pa á, tó ò ń tàn án, o lè mú kí fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá sátẹ́láìtì láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí dátà ò ti ràn án lọ́wọ́, ìyẹn lè gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú ní gbangba, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ilé gíga.

Ojú fóònù tó ń tàn yòò nínú oòrùn ló ń jẹ bátìrì jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dúró náà ń jẹ ẹ́. Jẹ́ kí máàpù máa fi ohùn júwe ọ̀nà fún ọ, kí o pa ojú fóònù, kí o má sì so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà nínú oòrùn ọ̀sán.

Wò ó báyìí. O gba oúnjẹ ní Dùgbẹ̀, Bódìjà lò ń lọ. O pa ojú fóònù, o sọ ọ́ sápò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, Battery Saver lè dá lòkéṣọ̀n dúró bí ojú fóònù bá ti kú. O ti kọjá Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ ni oníbàárà ṣì ń rí ọ. O yọ fóònù ní Sẹkitéríàtì, àmì rẹ fò lẹ́ẹ̀kan náà láti Dùgbẹ̀ débẹ̀. Fífò yẹn ni kó o fi mọ̀ ọ́n: tí àmì bá ń fò nígbà tí ojú fóònù bá tàn, ètò bátìrì ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ tó bá ń rìn gbéregbère, tí òbìrí búlúù fẹ̀ yí i ká, wò ó bóyá "Use precise location" wà ní títàn. Láti Android 12 ti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń bi wá léèrè ìyẹn. Tó bá wà ní pípa, àdúgbò tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta níbùú lóròó ni áàpù lè mọ̀, kò lè mọ ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Lọ sí Settings, Apps, mú áàpù iṣẹ́ rẹ, wá ibi tí wọ́n kọ Battery sí, kí o mú "Unrestricted". Orúkọ yìí lè yàtọ̀ lórí fóònù tìrẹ, mi ò sì rí i lójú, nítorí náà fara balẹ̀ kà á. Áàpù iṣẹ́ nìkan ni kó o ṣe é fún. Lẹ́yìn náà, ní kí ẹnì kan nílé máa wo ìrìn rẹ nígbà tí fóònù wà lápò.

Ní ti ṣíṣọ́ ọ délé, ìbéèrè gidi nìyẹn. Láti Android 8 ti ọdún 2017, áàpù tó ò wò lójú ò lè rí ibi tó o wà ju ìgbà díẹ̀ lọ ní wákàtí kan, àyàfi tó bá gbé àmì kan sókè fóònù tí kì í kúrò níbẹ̀. Má pa àmì yẹn. Tó o bá ti ṣí áàpù kó o tó pa ojú fóònù, tí àmì náà sì wà lókè, "Allow only while using the app" sábà máa ń tó. Kọ́kọ́ mú ìyẹn. Tí áàpù ilé iṣẹ́ yín bá kọ̀ ọ́, mú "Allow all the time" fún àkókò iṣẹ́. Tó o bá ṣíwọ́, jáde nínú iṣẹ́ lórí áàpù, kí o dá a padà sí "Allow only while using the app". Mi ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ yín ń fi àkọsílẹ̀ ìrìn yín ṣe. Ka àdéhùn tó o tẹ̀ "Agree" sí.

Lálẹ́ òní, ṣí Location nínú Settings, wo àwọn áàpù tó béèrè ibi tó o wà láìpẹ́ yìí. Tó o bá rí áàpù tọ́ọ̀ṣì tàbí ti tẹ́tẹ́ níbẹ̀, "Don't allow" ni kó o tẹ̀ fún un.