Òwe Ni Àbí Ẹsẹ Bíbélì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ wa. Mo kọ "Màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin" sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ àkọ́sórí. Ọmọ kan ní kí n sọ orí àti ẹsẹ rẹ̀. Mo ka Ìwé Òwe tán, n ò rí i. Ṣé inú Bíbélì ló wà? Báwo ni mo ṣe lè máa mọ̀?

Ìdáhùn: Òwe Yorùbá ni, ẹ̀yin ìyá. Kò sí nínú Bíbélì, láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn. Orúkọ Olúwa tó wà nínú rẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, pàápàá bó ṣe ń tu aláìní nínú bíi Sáàmù. Ìwé kan nínú Bíbélì tún ń jẹ́ Òwe. Bí oníwàásù bá ti ní "òwe sọ pé", Ìwé Òwe ni etí àwọn kan máa gbọ́. Wọ́n á gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ lẹ́nu wọn á sì fi "Bíbélì ní" ṣáájú.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, ẹ má wá gbogbo gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣọ̀wọ́n jù nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú. "Olúwa" pọ̀ ju ohun tí ẹ lè kà tán lọ. "Màlúù" náà pọ̀. "Ìrù" ì bá dára, ṣùgbọ́n Bíbélì àtijọ́ kì í fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí náà "irú", bíi "irú ènìyàn bẹ́ẹ̀", lè ya bo yín lójú fóònù. "Eṣinṣin" ló kù, òun ló sì dára jù. Ẹ ṣí Oníwàásù 10:1, níbi tí òkú eṣinṣin ti ń ba òróró jẹ́. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi í wá inú gbogbo Bíbélì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín láìfi àmì sábẹ́ "ṣ", fóònù mìíràn lè ní kò sí.

Ibi tí eṣinṣin wà kò pọ̀. Yàtọ̀ sí ti Oníwàásù, ẹ ó bá ìyọnu tó dé bá Fáráò ní Ẹ́kísódù 8, Sáàmù 78 àti 105 tó tún ìtàn náà sọ, àti Àìsáyà 7:18, níbi tí Olúwa ti máa súfèé pe eṣinṣin Íjíbítì. Ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí màlúù kankan níbẹ̀ tí Olúwa ń bá lé eṣinṣin. Ìgbà tí ẹ bá kà wọ́n tán ni ẹ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí i.

Ẹ ṣọ́ra ṣá, torí àìrí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tíì tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé "Ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká" jẹ́ òwe àwọn àgbà, bẹ́ẹ̀ inú Gálátíà 6:7 ló wà. Ẹni tó bá fi "gbìn" wá a nínú Bíbélì àtijọ́ lè má rí i, nítorí "funrugbin" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ ènìyàn ní "enia". Bíbélì tí a kọ́kọ́ parí ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lé lórí, ni ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ yìí ti wá. Nítorí náà ẹ wá ọ̀rọ̀ nínú Bíbélì àtijọ́ àti nínú ti òde òní, kí ẹ sì gbìyànjú ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a jọ.

Ìjọra pẹ̀lú kì í ṣe orísun. Àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà pé kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ìwé Òwe 26:27 náà ní ẹni tó gbẹ́ kòtò á ṣubú sínú rẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀kan ti èkejì lẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi orí àti ẹsẹ Bíbélì sábẹ́ gbólóhùn àwọn àgbà. Crowther fúnra rẹ̀ kó òwe sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti 1852, ó sì tún túmọ̀ Ìwé Mímọ́: kálukú ló wà láyè tirẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ yin ọmọ tó béèrè náà lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ "òwe Yorùbá" sábẹ́ gbólóhùn yẹn, kí ẹ sì fún wọn ní Sáàmù 68:5 ní àkọ́sórí, tó pe Ọlọ́run ní Baba àwọn aláìníbaba àti onídàájọ́ àwọn opó. Ìtùnú tí ẹ fẹ́ fi òwe náà kọ́ wọn wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì béèrè orí àti ẹsẹ, ẹ ó rí i tọ́ka sí.