Ikọ́ ife tó ṣe ọ́, má jẹ́ kó dà bí káàdì ọsibítù

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ikọ́ ife ṣe mí lọ́dún tó kọjá níbí l'Ẹ̀pẹ́. Oṣù 6 ni mo fi lo oògùn, ara mi ti yá báyìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń dà bí ìwé dókítà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò, ó ti ṣe èmi náà rí, mo sì ti ya ìwé tó pọ̀ sọnù lórí ẹ̀. Wo irú èyí tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ kọ:

"Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, àbájáde rẹ̀ sì fi hàn pé mo ní ikọ́ ife. Mo ní ìrírí ìlàágùn òru, àìlókun àti àdánù ìwọ̀n ara."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn l'Ẹ̀pẹ́? Lẹ́nu tiwa, àìsàn ló ń ṣiṣẹ́, ènìyàn ló ń gbà á sára. Orí ń fọ́ mi. Òtútù ń mú mi. Òòyì ń kọ́ mi. Oúnjẹ ò wù mí. Ìdí gbolóhùn ni ìwọ wà, ibẹ̀ náà sì ni aláìsàn máa ń wà. Tí o bá wá ń kọ "mo ní èyí, mo ní tọ̀hún", o ti di ọlọ́jà tó ń ka ẹrù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ara ẹlòmíràn ló ń wò. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo "mo ní" tí orúkọ àìsàn bá tẹ̀lé, kí o wá ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nídìí ẹ̀. "Àìlókun" á di "ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́". "Ìrora" ni mo kórìíra jù nínú gbogbo wọn. Olùkọ́ kan a máa fi bírò pupa kọ ọ́ lé ọ̀rọ̀ ẹni lórí, ó ní òun ló bá ìwé mu. Kí ni ìrora ń sọ? Ẹ̀gbẹ́ tó ń gún ènìyàn tó bá mí sínú kọ́ ni oríkèé tó ń roni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń tani bí ẹni tó tẹ ìjàlọ. Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ, òun sì fẹ́ kó o kó gbogbo wọn sínú àpò kan.

Tí o bá tún un kọ, ó lè rí báyìí:

"Ikọ́ náà kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Lóru, òógùn á bò mí, ẹní á tutù débi pé tí wọ́n bá gbé mi dìde, àpẹẹrẹ ara mi á wà lórí ẹ̀: èjìká, ìdí, gìgísẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí, ó ní kí n bọ́ síta gbangba, kí n hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà. Nígbà tí èsì dé, ó ní, 'Pọ́sítíìfù ni.' Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí n jókòó."

Ọ̀rọ̀ ọsibítù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnu ẹni tó sọ ọ́ ló sì wà, bí etí ṣe gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí ìdúpẹ́ tí kò bọ́ sí i yẹn, "mo" kò ṣe nǹkan kan nínú ẹ̀. Fi "mo" pamọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ń bọ̀.

Ibi tó máa ń pa ènìyàn ni àárín. Ìbẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ̀lẹ̀, ìparí ní ìṣẹ̀lẹ̀, àmọ́ oṣù kejì sí ìkarùn-ún, ọjọ́ kan náà ló ń tún ara ẹ̀ ṣe. O jí, o gbé oògùn mì kó o tó fẹnu kan oúnjẹ, ó tán. Oṣù 2 àkọ́kọ́, oògùn mẹ́rin ló wà nínú hóró kan, oṣù 4 tó kù, méjì. Ikọ́ ti rọlẹ̀, ebi ti ń pa ọ́ bí ẹni tó ń roko, àwọn ará ilé ti ń sọ pé ara ọ ti yá, kí lo tún ń lo oògùn sí? Ìwọ náà ń bi ara ẹ. Nítorí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, akọ̀wé á fo gbogbo ẹ̀, á ní "lẹ́yìn oṣù 6, ara mi yá." Ẹni tó ń kà á ò ní gbà á gbọ́, torí kò bá ọ dúró níbẹ̀. Má sì ka ọ̀sẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, káàdì náà nìyẹn. Mú nǹkan kan ṣoṣo nínú ilé tó ń yí padà pẹ̀lú ara ẹ, kó o máa padà sídìí ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, bẹ́líìtì. Nígbà tí ihò tán, wọ́n fi ìṣó gbígbóná lu tuntun. Oṣù kejì, ihò ìṣó yẹn náà ni. Oṣù kẹta, ó ti ń fún ọ nínú, o padà síbi ihò tó gbẹ̀yìn nínú ti ilé iṣẹ́. Nígbà tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, ojú ihò ìṣó náà á ṣì wà lára awọ, tó ti dúdú. Kò sí kílò kankan níbẹ̀. Má ṣàlàyé ẹ̀, má sì fi òrùka tó ń yọ lọ́wọ́ kún un. Tí ó bá ti di méjì, ó ti di àkọsílẹ̀ ẹrù.

Ìtọ̀ tí oògùn ń sọ di pupa ńkọ́? Àwọn ará ọsibítù ò ní kọ ọ́ sí káàdì, torí lójú tiwọn kì í ṣe nǹkan. Ẹlòmíràn nínú wọn ò tilẹ̀ ní sọ fún ọ pé ó ń bọ̀, á jẹ́ kí o dá nìkan rí i láàárọ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ ata. Kọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi sí ẹnu nọ́ọ̀sì pé oògùn ló ń ṣe é àti pé kí o má dá a dúró. Ẹnì kan máa ka ìwé ẹ, á rí tiẹ̀, á da oògùn nù, kòkòrò náà á sì le débi tí oògùn ò ní ràn án mọ́. Ojú tó bá di yẹ́lò bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe yàtọ̀ síyẹn o, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Má sì kọ iye hóró tí o lò, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín in.

Ti déètì, má ṣí káàdì nígbà tí o bá ń kọ. Lẹ́yìn tí o bá parí ni kí o ṣí i, láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ọ̀gá fáìlì ọsibítù bá ní káàdì náà kì í ṣe tìẹ, jókòó síwájú ẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé, "Kayọ̀káyọ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì" dára ju déètì káàdì lọ. Ṣọ́ra ṣá: Kayọ̀káyọ̀ ń tẹ̀lé Iléyá, Iléyá kì í sì í dúró lójú kan lọ́dọọdún. Ará Ẹ̀pẹ́ á mú ọ.

Àti ẹni tí o rò pé ó kó o ràn ọ́, yọ ọ́ kúrò. O ò lè mọ̀ ọ́n dájú, àdúgbò á sì mọ̀ ọ́n kódà bí o pa orúkọ dà.

O ní ibo ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, mo ti fẹ́ gbàgbé. Má bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù. Bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní tó tutù. Má sì parí ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lu káàdì. Wá ọjọ́ tí "mo" padà síwájú gbolóhùn, kó o tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìsí ọ̀ṣọ́: mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà Olúwo, mo yan ẹja, mo ná an, mo gbé e gun òkè padà, mi ò jókòó lọ́nà.