Ìṣẹ́jú inú àkọsílẹ̀ kọ́ ni ìṣẹ́jú inú ohùn

*Ẹ̀yin àgbà, wọ́n fún mi ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ inú pọ́díkáàsì kan, ó ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ. Báwo ni mo ṣe máa pín in sí ìpín-ìpín pẹ̀lú àkókò, kí n sì kọ kókó ìpín kọ̀ọ̀kan?*

Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ bi àwọn tó gbéṣẹ́ fún yín pé inú ohùn wo ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ṣé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ni, àbí èyí tí aráyé máa gbọ́? Wọ́n á ní ọ̀kan náà ni. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn. Ìgbà tí àwọn olùgbọ́ wá ń tẹ ìṣẹ́jú tí mo kọ, tó jẹ́ àárín ẹ̀rín ni wọ́n ń já sí, èmi ni gbogbo wọn yíjú sí. Ọ̀gá tó gé ohùn náà sọ pé ẹ̀rọ tó kọ ọ̀rọ̀ jáde ló fi àkókò sí i, kò kan òun. Ẹ̀rọ ló fi í síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló mú ọ̀bẹ ti ohùn lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti ṣe tiẹ̀ tán!

Ẹ mú gbólóhùn mẹ́ta nínú àkọsílẹ̀, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nítòsí ìparí, kí ẹ wá ibi tí wọ́n wà nínú ohùn. Nínú tèmi, ìkíni wà ní 03:20 nínú àkọsílẹ̀, ó sì bọ́ sí 03:52 nínú ohùn. Orin ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kún un ló fa ìṣẹ́jú-àáyá 32 yẹn. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ dópin, mi ò bá kàn fi 32 kún gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ gbólóhùn àárín tó wà ní 24:10, 23:02 ni mo ti bá a. Ti ìparí, 51:30, ó wà ní 50:22. Àwọn méjèèjì yá ní ìṣẹ́jú-àáyá 68, ìyẹn ni pé wọ́n ti gé ìṣẹ́jú-àáyá 100, àpapọ̀ 32 àti 68, kúrò níbì kan ṣáájú 24:10, kò sì sí gígé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó yí àkókò padà. Mo ń dán gbólóhùn wò láàárín títí mo fi rí i: fóònù àlejò ló dún, wọ́n sì yọ ibẹ̀. Ohun tó wà ṣáájú ibẹ̀, mo fi 32 kún un. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo yọ 68. Odindi ọjọ́ kan ni èyí gbà mí, nígbà tí ẹni tó gé e ì bá ti fi ẹnu sọ ọ́ fún mi.

Pípín fúnra rẹ̀ kò le. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni kí ẹ gé. Ìpín mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tó fún irú gígùn yẹn. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni kókó. Olóyin ni àlejò wa. Ní 12:41 inú àkọsílẹ̀, atọ́kùn bi í pé kí ló ń lé oyin kúrò nínú ilé wọn. Ó kọ́kọ́ ròyìn bàbá rẹ̀ lọ títí, 17:05 ló tó dáhùn pé èèrà àti ooru ni. Ibi ìbéèrè ni ìpín náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn ni kókó rẹ̀. "Ìdí tí oyin fi ń sá lọ" kì í ṣe kókó, àkọlé lásán ni, kò sọ ìdí náà fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí:

```
00:00 Oyin sísìn ló ń bọ́ àlejò, kò fi ṣeré
13:13 Èèrà àti ooru ló ń lé oyin, kì í ṣe ariwo
26:40 Oyin tí a gé kí àwọn kòkòrò oyin tó fi ìda bo afárá lè kan, torí omi inú rẹ̀ pọ̀
```

Bó bá jẹ́ YouTube lẹ fẹ́ gbé e sí, 00:00 gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ìpín má dín ní mẹ́ta, kí ọ̀kankan má sì kéré sí ìṣẹ́jú-àáyá 10.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "kò" àti "ò". Bí ẹnu bá yá, ẹ̀rọ máa ń gbé wọn mì, "mi ò fín oyin léèéfín" á wá di "mo fín oyin léèéfín". Gbólóhùn tí ẹ bá gbé kókó lé, ẹ fi etí gbọ́ ọ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ wo ẹni tó sọ ọ́ pẹ̀lú, torí atọ́kùn náà máa ń sọ èrò tirẹ̀, tí àkọsílẹ̀ á fi sí ẹnu àlejò.

Bí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé pọ́díkáàsì náà jáde bá ń ki ìpolówó bọ̀ ọ́ nígbà tí olùgbọ́ bá ń gbà á, àkókò kankan kò ní bá ti gbogbo èèyàn mu, torí ìpolówó tèmi lè gùn ju tiyín lọ. Ohùn tí kò ní ìpolówó ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sókè pé òun lẹ lò, kí wọ́n má baà tún wá dá a yín lẹ́bi bíi tèmi.