Owó èrè tí a kéde ní 2025, ṣé ó lè wọ ìwé 2024?

"Ẹ̀yin àgbà akántáńtì, ẹ gbà mí o. Ilé-iṣẹ́ kaṣú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ jèrè ₦6,000,000 ní 2024. Nígbà tá a ṣèpàdé ní oṣù kẹrin 2025, a kéde ₦2,000,000 fáwọn onípìn-ín. Akọ̀wé owó wa kọ ọ́ sí ìnáwó 2024. Ṣé ó tọ̀nà?"

Kò tọ̀nà rárá. Owó oṣù, owó dísù àti owó àpò tẹ́ ẹ fi ń di kaṣú lẹ ń yọ kí èrè tó jáde. Ní tàwọn onípìn-ín, èrè ti jáde, owó orí sì ti kúrò lára rẹ̀, kó tó kàn wọ́n. Pẹ̀lú ohun tí akọ̀wé yín kọ, ₦4,000,000 lẹ máa rí pé ẹ jèrè, irọ́ sì ni.

Ọdún tó kọ ọ́ sí náà kò bára mu. Títí di December 31, 2024, ẹnikẹ́ni ò tíì kéde nǹkan kan, ilé-iṣẹ́ ò sì jẹ onípìn-ín kankan ní gbèsè. Kí ẹ kàn mẹ́nu bà á nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé 2024, ó tó.

Ká ní ṣíà 5,000,000 lẹ tà ní náírà kọ̀ọ̀kan, tí èrè àwọn ọdún ìṣáájú tẹ́ ẹ ò pín sì jẹ́ ₦4,200,000. Ní ìparí 2024, owó ṣíà á jẹ́ ₦5,000,000, èrè tẹ́ ẹ ò tíì pín á di ₦10,200,000. Àpapọ̀ ohun tó jẹ́ tàwọn onílé-iṣẹ́ wá jẹ́ ₦15,200,000. Lọ́jọ́ ìpàdé oṣù kẹrin, ₦2,000,000 kúrò lára èrè yẹn, ó ku ₦8,200,000, ₦2,000,000 náà sì bọ́ sábẹ́ gbèsè. Àpapọ̀ di ₦13,200,000. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san án, gbèsè parẹ́, owó báńkì dín kù, ṣùgbọ́n ₦13,200,000 ò ní yí padà. Owó ṣíà ò tiẹ̀ mira látìbẹ̀rẹ̀. Kódà bí onípìn-ín kan bá ta tirẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ₦5,000,000 náà ni.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ gan-an nìyí. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ lápá Takie, bàbá onípìn-ín kan fìka sórí èrè tí wọn ò pín, ó ní, "Ẹ lọ gbé owó yìí wá ká pín in." Owó tó wà ní báńkì ò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ìyókù ti di àpò kaṣú tí wọ́n rà lásìkò, ẹ̀rọ tó ń mú kaṣú gbẹ, àti gbèsè tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Wọ́n kéde síbẹ̀, wọ́n sì lọ yáwó eléèlé láti fi san án. Nítorí náà, káwọn dàírẹ́kítọ̀ wo báńkì kí wọ́n tó dábàá iye kankan. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 jẹ́ kí ìpàdé dín iye tí wọ́n bá dábàá kù, ṣùgbọ́n ìpàdé ò lè fi kún un.

Ẹ ní kí akọ̀wé yín dá ₦2,000,000 yẹn padà sínú èrè 2024 kí ọ́dítọ̀ tó buwọ́ lu ìwé, torí nọ́ńbà tó bá parí 2024 náà ló máa bẹ̀rẹ̀ 2025.