Sáwàdó inú ìgò mi ti ń kan jù nínú ooru yìí

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì ní ìwúkàrà sáwàdó tí mo fi ń ṣe búrẹ́dì nílé. Àràárọ̀ ni mò ń bu ìyẹ̀fun àti omi sí i, kí ìwọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba. Kó tó di ọ̀sán, á ti wú, á ti wálẹ̀, omi dúdú á léfòó sórí rẹ̀, á sì máa rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Búrẹ́dì mi kò wú mọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ o. Ebi ló ń pa á. Òórùn kútẹ́ẹ̀sì yẹn àti omi orí rẹ̀ ni àmì pé oúnjẹ ti tán nínú ìgò tipẹ́. Ẹ da omi náà nù, ẹ má sọ ìwúkàrà nù. Bí ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ osùn tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú lára rẹ̀, tàbí ó hu irun èébu, ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sí ààtàn.

Ohun méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò yẹn. Yíìsì ló ń jẹ́ kó wú. Bakitéríà ló ń mú un kan, ìbátan àwọn tó ń mú ògì kan. Nǹkan bíi dígírì 27 ló bá yíìsì inú sáwàdó lára mu jù, ṣùgbọ́n ní dígírì 32 sí 33 ni ara àwọn bakitéríà náà máa ń yá gágá. Ilé ìdáná wa ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà kì í sábà wà lábẹ́ 30 lọ́sàn-án. Kíkan á wá sáré ju wíwú lọ, kíkan yẹn á sì máa jẹ okun inú ìyẹ̀fun. Ẹ ki ṣíbí bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè. Èyí tí ara rẹ̀ dá máa ń fà tẹ̀lé ṣíbí bí òwú aláǹtakùn. Tó bá ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu, okun ti já nínú rẹ̀, búrẹ́dì tí ẹ bá fi ṣe kò ní lè di afẹ́fẹ́ mú.

Ẹni tó ń ṣe ògì mọ̀ pé bí a kò bá da omikan nù ká fi tuntun rọ́pò, á kan rékọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tiyín wà. Ògbólógbòó tí ẹ ń fi sílẹ̀ nínú ìgò ti pọ̀ jù, kíkan àná ni ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ òní.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Ní aago 7 àárọ̀, mo máa ń wọn gíráàmù 5 péré nínú ògbólógbòó sínú ìgò mìíràn, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Màá fi gíráàmù 50 ìyẹ̀fun funfun àti gíráàmù 50 omi tútù láti inú fíríìjì pò ó, màá sì de rọ́bà mọ́ ìgò níbi tó dé. Màá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago 7 alẹ́. Ní dígírì 31, nǹkan bíi wákàtí 8 ló fi máa ń wú dé òkè pátápátá. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ pò búrẹ́dì lọ́sàn-án, gíráàmù 10 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, á sì ti ṣetán ní bíi aago 1. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ máa wò ju aago lọ: nígbà tí orí rẹ̀ tó rí rogodo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, àkókò lílò rẹ̀ ti tó.

Tó bá ṣì ń wálẹ̀ kí ẹ tó dé láti ibi iṣẹ́, ẹ dín omi kù sí gíráàmù 30. Á le bí ìyẹ̀fun tí a pò fún ṣinṣín, èyí tó le sì máa ń falẹ̀ ju èyí tó ṣàn lọ. Ẹ tún lè gbé ìgò náà sínú abọ́ omi, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó. Bí àmù ṣe ń mú omi tutù náà ló ń ṣiṣẹ́. Ó dára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Fíríìjì náà dára bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ẹ ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ fún èyí tó le yẹn lóúnjẹ, kí ẹ fi síta fún wákàtí kan, kí ẹ tó gbé e wọlé. Bí iná ìjọba bá lọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí fíríìjì sì gbóná, ẹ kà á sí pé ìta ló ti sùn, kí ẹ tún un bọ́.

Fún tiyín tó ti kan báyìí, ẹ máa bu gíráàmù 5 péré nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa bọ́ ọ bí mo ṣe ń bọ́ tèmi láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ má tíì fi ṣe búrẹ́dì. Tó bá ti ń wú ìlọ́po méjì, tí òórùn rẹ̀ sì padà dà bíi ti ògì tuntun, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Tí ọyẹ́ bá dé tí òru tutù, gíráàmù 5 yẹn á kéré jù, ẹ lè bá a láàárọ̀ tí kò tíì wú. Nígbà náà, ẹ mú un dé 10 tàbí 15 lálẹ́, kí ẹ sì fi omi inú fíríìjì sílẹ̀.