Bí ojú aboyún bá ń ṣe bàìbàì, ìfúnpá ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Oyún mi ti wọ oṣù keje. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ó ń ta mí, ó sì pọ́n díẹ̀. Àǹtí mi ra oògùn ojú kan fún mi ní kẹ́míìsì, wọ́n tún ní kí n lọ pààrọ̀ jígí mi. Ṣé kí n máa kán an? Ṣé kò ní pa ọmọ inú mi lára?”

Àbúrò mi, gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná, má sì tíì náwó sórí jígí. Lónìí yìí, lọ síbi tí wọ́n ti lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Èmi dúró ní tèmi, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọdún 2016 ni, oyún mi àkọ́kọ́, ní Ìbàdàn. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń lo jígí, nítorí náà nígbà tí lẹ́tà inú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀ mọ́ra wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32, mo rò pé jígí mi ló ti gbó. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe jígí. Wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n ní agbára jígí mi ti yí, wọ́n ṣe tuntun fún mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti wọn ìfúnpá láìpẹ́, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti lọ sí kílíníìkì kẹ́yìn.

Jígí tuntun náà kò tán an. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi níwájú orí, parasitamọ́ọ̀lù kò sì ràn án. Òrùka ìgbéyàwó mi kò jáde lọ́wọ́ mi mọ́. Ìyá ọkọ mi ní àárẹ̀ oyún ni, kí n máa sinmi, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, torí mo rò pé gbogbo aboyún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ, inú yàrá ṣókùnkùn, mo sì ń rí nǹkan tó ń kọ mànà ní ẹ̀gbẹ́ ojú mi ọ̀tún. Nígbà tí ọkọ mi tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí etí rẹ̀, mo rí irun orí rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ojú rẹ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

Nígbà tí a dé iléèwòsàn lóru ọjọ́ náà, ìfúnpá mi jẹ́ 172/114. Pùrótéènì pọ̀ jù nínú ìtọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé, “Láti ìgbà wo ni ojú yín ti ń ṣe báyìí?” Mo ní ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́wàá. Kò tún bi mí ní nǹkan mìíràn, ó sáré lọ pe dókítà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fa èyí bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Àìsàn yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru oyún tó ṣíwájú gìrì, ara ibi ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ibi ọmọ kò bá rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó máa ń tú àwọn èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ń ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ káàkiri ara. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú a fún pọ̀, omi á sì máa jò lára wọn. Ní tèmi, omi náà ti kóra jọ sábẹ́ awọ tí a fi ń ríran, ó gbé e kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ni àárín ojú ọkọ mi tó dúdú. Nígbà mìíràn ojú kò ní nǹkan kan, ẹ̀yìn ọpọlọ tí ń túmọ̀ ohun tí ojú rí ló wú, obìnrin náà á sì sọ pé òun kò ríran rárá, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú rẹ̀ mọ́ kedere. Ìdí nìyẹn tí ojú bàìbàì fi ń dẹ́rù ba àwọn dókítà: ó lè jẹ́ pé gìrì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó mú ìfúnpá wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni magnẹ́síọ̀mù, tí kì í jẹ́ kí gìrì mú ènìyàn: gíráàmù 4 ni wọ́n rọra fi sí iṣan, gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ó gbóná lára bí ẹni tó dúró ti iná àrò, ojú mi tún ṣú sí i fún ìgbà díẹ̀, torí oògùn náà fúnra rẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi òòlù kékeré kan orúnkún mi, wọ́n ń ka èémí mi, wọ́n ń wọn ìtọ̀ mi, nítorí bí magnẹ́síọ̀mù bá pọ̀ jù lára, orúnkún kì í ta mọ́, èémí a sì máa lọ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ọmọ náà jẹ́ kílò 1.8. Ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí.

Ìríran mi padà díẹ̀díẹ̀, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí àárín tó mọ́. Jígí tuntun yẹn ńkọ́? Nígbà tí wọ́n tún ojú mi yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, jígí mi àtijọ́ ló bá a mu.

Òótọ́ ni pé oyún nìkan náà máa ń yí ojú padà láìsí àìsàn kankan. Dídi omi sínú ara máa ń mú awọ iwájú ẹyinjú nípọn díẹ̀, ó sì ń yí bó ṣe tẹ̀ padà, jígí ẹni kò ní bá ojú mu mọ́. Omi ojú a máa dín kù, ojú á máa ta bí ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ wọ̀ lójú, pàápàá nírọ̀lẹ́ tàbí níwájú fáànù. Àwọn tí ń lo awò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú lè rí i pé kò rọrùn lójú wọn mọ́. Irú èyí kì í já lu ènìyàn lójijì. Bí o bá ṣẹ́jú léraléra, ó máa ń mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kò sì ní orí fífọ́ nínú. Lẹ́yìn ìbímọ, ó máa ń padà sí bó ṣe wà. Nítorí náà, má ṣe pààrọ̀ jígí títí yóò fi tó oṣù bíi méjì tí o bá ti bímọ, àyàfi bí o kò bá lè ṣiṣẹ́ rárá.

Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ti ewu ni èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀: mànàmáná, àmì dúdú, rírí nǹkan kan ní méjì, orí tí parasitamọ́ọ̀lù kò ràn, ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì. Ọ̀kan nínú wọn ti tó láti gbéra. Ẹlòmíràn kì í wú rárá, nítorí náà má fi ẹsẹ̀ tí kò wú tu ara rẹ nínú. Bí ìfúnpá bá ti dé 140/90, kí dókítà rí ọ lọ́jọ́ náà. Bó bá dé 160/110, pàjáwìrì ni, kódà bí ara rẹ bá dá. Kí o mọ̀ pé ìbímọ kò parí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gìrì lè mú ìyá lẹ́yìn tó ti bímọ tán, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló léwu jù, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti oògùn ojú. Nínú oyún mi kejì, àpólò mú mi ní oṣù kẹfà, mo sì kọ́ ohun púpọ̀ lọ́dọ̀ dókítà ojú tí mo lọ bá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé oògùn tí a bá kán sójú kì í dúró lójú. Ihò kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibẹ̀ ló ń gbà lọ sí imú àti ọ̀fun, tí í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi ń tọ́ ọ wò lọ́fun. Bí o bá ti kán ẹ̀kán kan, di ojú, kí o fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú méjì. Èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ á dín kù gan-an.

Omi ojú àtọwọ́dá, èyí tí kò ní oògùn nínú, ni wọ́n kà sí aláìléwu jù fún ojú tó gbẹ. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ojú ní tòótọ́, ìpara ẹrítìròmáísìnì ni wọ́n sábà máa ń yàn fún aboyún. Tẹtirasáíkílìnì wọn kì í fẹ́, nítorí irú rẹ̀ tí a ń gbé mì máa ń ba eyín ọmọ inú jẹ́. Kilorámfẹ́níkọ́ọ̀lù tí gbogbo kẹ́míìsì ń tà, wọ́n máa ń yẹra fún un pàápàá nígbà tí ìbímọ bá kù fẹ́ẹ́rẹ́. Àpólò tèmi kò tilẹ̀ gba oògùn, omi tútù tó mọ́ àti omi ojú àtọwọ́dá ni mo fi tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lọ.

Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù ni oògùn àdàpọ̀ tí dẹkisamẹtasóònù wà nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń fún ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n. Ojú á funfun lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó lè mú kí kòkòrò àrùn kan gbilẹ̀ nínú ẹyinjú, ó sì lè gbé agbára omi inú ojú sókè. Èyí tí ń sọ ojú pupa di funfun kíákíá náà, fífún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì yẹ ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ lè ti ga. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ̀, àgbo tàbí omi ṣúgà sí ọ lójú. Bí o bá sì ní gilakómà, má dá oògùn rẹ dúró fúnra rẹ. Tímólọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú oògùn gilakómà, lè mú ọkàn ọmọ inú lọ́ra, nítorí náà dókítà ojú àti ti oyún ni yóò jọ pinnu.

Nínú oyún kejì yẹn, láti ọ̀sẹ̀ 12 ni dókítà ti fi mí sórí ásípírìn kékeré lóòjọ́, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra ẹ̀rọ ìfúnpá sílé. Mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò ní sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi á wà ní ìpele àyà, lára awọ ni mo ń dè é mọ́, kì í ṣe lórí aṣọ.

Nígbà tí o bá dé iléèwòsàn, má kàn sọ pé ojú ń dùn ọ́. Wọ́n lè ní kí o lọ tò síbi ìtọ́jú ojú. Sọ pé, “Oyún mi ti wọ oṣù keje, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wọn ìfúnpá mi kí ẹ sì yẹ ìtọ̀ mi wò.” Mú oògùn tí Àǹtí rà dání kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Bí ìfúnpá bá dára tí ìtọ̀ sì mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá sọ̀rọ̀ ojú tó pọ́n. Bí o bá ti rí i, sọ iye tí wọ́n kà fún mi, mò ń retí rẹ.