Ọjọ́ tó kù sí Iléyá ni ká fi ka ọjà, kì í ṣe oṣù

«Ẹ jọ̀wọ́, òróró kẹ́ẹ̀gì 25 lítà ni mo ń tà jù ní Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́ níbí. Láti 2023 ni mo ti ń kọ ohun tí mo bá tà lójoojúmọ́ sínú ìwé. Báwo ni mo ṣe lè fi ìwé yẹn mọ iye kẹ́ẹ̀gì tí màá kó sílẹ̀ de Iléyá 2026? Mo fi oṣù Kẹfà 2025 wé oṣù Kẹfà 2024, wọn ò bára mu rárá.»

Wọn ò lè bára mu, nítorí Iléyá kì í dúró sójú kan lórí kàlẹ́ńdà tí a fi ń kọ ìwé ọjà. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún Mùsùlùmí, ọdún náà sì fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí èyí tí a ń kà. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà la kírun Yídì. Ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 16. Ní 2025, ó bọ́ sí ọjọ́ 6. Ti 2026, nǹkan bí ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń retí rẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù. Ẹ wá wò ó: oṣù Kẹfà 2024 ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọjà ń gbóná nínú, ti 2025 ní ọjọ́ márùn-ún péré, gbogbo ìyókù jẹ́ ìgbà tí oníbàárà ti náwó tán. Òróró kan náà lẹ tà, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, àmọ́ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oṣù méjèèjì gbé dání.

Òróró àti ìrẹsì lèmi náà ń tà ní Ẹ̀pẹ́ yìí, bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń mú ọjọ́ Iléyá ọdún kọ̀ọ̀kan, màá sì ka ọjọ́ sẹ́yìn láti àìsùn rẹ̀. Ọjọ́ 21 ni mo ń kà, màá wá pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ọ̀sẹ̀ kẹta sí Iléyá, ọ̀sẹ̀ kejì, àti ọ̀sẹ̀ àṣekágbá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ Ajé o. Àìsùn ni ọjọ́ kìíní, ẹ máa ka lọ sẹ́yìn láti ibẹ̀. Fún 2024, ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Fún 2025, ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà. Fún 2026, ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ nílò ohun tí mo ń pè ní ọ̀sẹ̀ lásán, ìyẹn iye tí ẹ ń tà lọ́sẹ̀ nígbà tí kò sí ọdún kankan nítòsí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ọjọ́ 21 yẹn ni mo ń lò. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n sún mọ́ Iléyá tó láti fi hàn bí owó ṣe wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́dún náà, síbẹ̀ wọ́n jìnnà sí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó máa ń ṣáájú Iléyá pẹ̀lú bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ Àjíǹde. Ní 2025, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ni Àjíǹde, ó sì bọ́ sínú àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn gan-an. Mo yọ ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò, mo fi mẹ́ta tó kù ṣe ìṣirò. Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé kò sí ohun tó ń ba ìṣirò Iléyá jẹ́ tó ọ̀sẹ̀ lásán tí kì í ṣe lásán.

Kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ kà, ẹ má ka náírà. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí náírà sì já bọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, owó ọjà ń lọ sókè lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń ka owó tó wọlé máa rò pé ọjà òun ń dàgbà, nígbà tí kẹ́ẹ̀gì tó ń jáde ń dín kù.

Ó wá kan ìwé tèmi. Ní 2024, ọ̀sẹ̀ lásán mi jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 20. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí Iléyá, 39 ló wà nínú ìwé, àmọ́ 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ti alájì kan tó fẹ́ fi ta àwọn opó lọ́rẹ. Ẹni ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjà ọdún, mo yọ ọ́, ó ku 24. Kí n tó fi kún ti ọdún mìíràn, màá kọ́kọ́ pè é láti béèrè bóyá ó tún fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, 35. Ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, 58. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 20: ọ̀sẹ̀ kẹta jẹ́ ìlọ́po 1.2, ìkejì 1.75, àṣekágbá 2.9.

Ní 2025, ọ̀sẹ̀ lásán mi jẹ́ 25. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ta 29. Ìkejì, 48. Àṣekágbá, 44. Ẹni tí kò bá wo ìwé dáadáa máa ní ọ̀sẹ̀ àṣekágbá ọdún yẹn rọ̀. Kò rọ̀ o, òróró ló tán nílẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, mo ta 36. Láàárọ̀ ọjọ́ 3, mo ta mẹ́jọ, ó tán. Odo tó wà nínú ìwé láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn títí di àìsùn kò sọ pé oníbàárà kò wá, ó ń sọ pé wọ́n wá, wọn ò bá nǹkan kan.

Bí mo ṣe dí àlàfo yẹn nìyí. Mo padà sí 2024 tí ọjà kò tán, mo wo ìdá tí mo ti tà ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ àṣekágbá: 29 nínú 58, ìdajì gééré. Nítorí náà, bí ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ti 2025 bá jẹ́ 36, gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ìbá jẹ́ bí 72. Ẹ pín 72 sí 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2.9, tó sún mọ́ ti 2024 gan-an. Ká ní 44 ni mo lò, 1.76 ni ìbá jáde, ọjà ìbá sì tún tán lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìdajì yẹn kì í ṣe òfin, ọdún kan ṣoṣo ló ti wá, àmọ́ ó sàn ju 44 lọ fíìfíì. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ aago tí ọjà kan bá tán sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó tà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà mọ̀ pé kó máa kọ ọ́.

Ẹ wá da ọdún méjèèjì pọ̀, kí ẹ mú àárín wọn: bí 1.2 fún ọ̀sẹ̀ kẹta, 1.8 fún ìkejì, 2.9 fún àṣekágbá. Ká ní ọ̀sẹ̀ lásán yín lọ́dún 2026, láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, jẹ́ 22. Ohun tí ẹ máa retí jẹ́ 26, lẹ́yìn náà 40, lẹ́yìn náà 64, àpapọ̀ rẹ̀ 130. Ẹ rí i pé ọdún tó kọjá kọ́ ló sọ iye; ìlọ́po ni ọdún tó kọjá ń sọ, ọ̀sẹ̀ lásán ọdún yìí ló ń sọ bí owó ṣe wà níta. Ìlọ́po tèmi kì í ṣe tiyín o. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ àti ẹni tó ń tà fún àwọn olóńjẹ kì í ní ìlọ́po kan náà.

Owó oṣù tún wà níbẹ̀. Iléyá 2024 bọ́ sí àárín oṣù, ti 2025 bọ́ sí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ti 2026 máa bá àwọn míì kí wọ́n tó gbowó rárá. Ìyẹn lè má yí àpapọ̀ 130 padà púpọ̀, àmọ́ ó lè ti ọjà sẹ́yìn, kí ọ̀sẹ̀ kejì tutù, kí gbogbo èèyàn sì ya wọlé ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn. Ibí yìí ni ìwé 2023 yín ti wúlò, nítorí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún náà jọ ọ́ ní ìparí oṣù. Ẹ wo bí títà ṣe pín sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ má sì mú iye kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, torí ọ̀wọ́n gógó ìgbà yẹn ti dà á rú.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń kó ti ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkejì pọ̀, ìyẹn 66 nínú àpẹẹrẹ wa, màá wá dúró wo ọ̀sẹ̀ kẹta parí. Bí ẹ bá retí 26, tí ẹ ta 31, ó ti fi bí ìdá márùn-ún lé. Ìdajì àlékún yẹn ni mo ń fi kún èyí tó kù, nítorí àwọn míì kàn tètè rà ni bí wọ́n bá gbọ́ pé owó fẹ́ gbéra, àwọn yẹn ò sì ní padà wá. 104 tí ẹ retí fún ọ̀sẹ̀ méjì tó kù á wá di bí 114. Ẹ yọ 35 tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ nínú 66 yẹn kúrò, 79 ló kù tí ẹ máa kó. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, torí bó bá di ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, ọkọ̀ á ti wọ́n, owó á sì ti yí padà. Fún òróró, ẹ lè fi bíi mẹ́wàá lé e láìbẹ̀rù: kò ní bàjẹ́, bó bá sì ṣẹ́ kù, ọ̀sẹ̀ lásán kan á gbé e tán. Tòmátì tútù àti àlùbọ́sà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kó tiwọn dín díẹ̀ sí iye tí ẹ bá retí.

Níkẹyìn, Ẹ̀pẹ́ la wà, a sì ní Káyòkáyò lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ń wálé láti rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Nítorí náà ẹ ka ọjọ́ 14 lẹ́yìn Iléyá náà sínú ìwé yín, kí ẹ ṣírò ìlọ́po rẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ìwé tèmi, òróró kì í rìn púpọ̀ lásìkò yẹn. Mọ́ọ̀tì àti mínírà ló ń jáde, torí náà owó òróró àṣekágbá ni mo fi ń kó wọn wọlé ní ọjọ́ kejì Iléyá.